Èlé lórí èlé: ohun tí ọdún mẹ́wàá gbà lọ́wọ́ mi

“Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ọdún 24 ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iṣẹ́ ní Adó-Èkìtì. ₦2,000 péré ni mo lè yà sọ́tọ̀ lóṣù. Ṣé kí n kúkú dúró di ìgbà tí owó oṣù mi bá pọ̀, kí n wá máa tọ́jú ₦4,000?”

Àbúrò mi, má ṣe dúró. Èmi dúró, mo sì lè ka ohun tí mo pàdánù fún ọ.

Ní ọdún 2004, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn olùkọ́ tí ó wà nítòsí wa ń san èlé ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, lórí iye tí ọdún tuntun bá bá nínú ìwé ẹni. Ọ̀rẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í dá ₦2,000 lóṣù láti oṣù kìn-ín-ní ọdún náà. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé owó ọbẹ̀ ni ó ń kó pamọ́, mo sì ń sọ lọ́dọọdún pé bí wọ́n bá ti fi kún owó oṣù wa, èmi náà yóò bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ọdún kìn-ín-ní parí, ₦24,000 ni ó wà nínú ìwé rẹ̀. Lọ́dún kejì, owó yẹn mú èlé ₦2,400 wá, kò gbà á, ó sì tún dá ₦24,000 lé e, ó di ₦50,400. Ọdún kẹta ni ọ̀rọ̀ náà yí padà. Èlé ọdún yẹn jẹ́ ₦5,040: ₦4,800 nínú rẹ̀ jẹ́ èlé ojú owó tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá, ṣùgbọ́n ₦240 tí ó kù jẹ́ èlé tí èlé ọdún kejì bí. Èlé ti ń bímọ nìyẹn. Ta ni yóò ka ₦240 sí? Èmi kò kà á sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi di ọdún kẹsàn-án, èlé nìkan ti jẹ́ nǹkan bí ₦27,400, ó ti ju gbogbo ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń dá lọ́dún lọ.

Ní ìparí ọdún 2013, àwọn ọmọ rẹ̀ ń wọ ilé ìwé gíga, kò lè dá owó mọ́. Ó ti dá ₦240,000, ṣùgbọ́n nǹkan bí ₦382,500 ni ó bá nínú ìwé. Kò fọwọ́ kàn án, kò sì fi kọ́bọ̀ kún un. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni èmi bẹ̀rẹ̀, mo sì ń fi ọkàn balẹ̀ dá ₦4,000 lóṣù, ìlọ́po méjì tirẹ̀, fún ọdún mẹ́wàá gbáko.

Ní ìparí ọdún 2023, ìwé tèmi jẹ́ nǹkan bí ₦765,000, èmi tí mo dá ₦480,000. Ìwé tirẹ̀ jẹ́ ₦992,100. Kí n tó lè bá a dọ́gba, mo ní láti máa dá nǹkan bí ₦5,200 lóṣù. Bí òun náà bá ti ń gba èlé rẹ̀ jẹ ní gbogbo Kérésìmesì bí àwọn kan ti ń ṣe nínú ẹgbẹ́ wa, ₦240,000 náà ni ìbá bá níbẹ̀. (Àjọ ojoojúmọ́ kò tilẹ̀ sí nínú ọ̀rọ̀ yìí: kò lélé, alájọ sì máa ń mú owó ọjọ́ kan.)

Síbẹ̀, n kò ní tàn ọ́. Ní ọdún 2024, ọ̀wọ́n gógó ọjà kọjá ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún nílẹ̀ wa, nítorí náà owó tí ń gba ìdá mẹ́wàá ń pọ̀ nínú ìwé, ó sì ń dínkù lójú ọjà. Wá ibi tí èlé rẹ̀ kò ti jìnnà sí ọ̀wọ́n ọjà. Bọ́ǹdì àfipamọ́ tí ìjọba àpapọ̀ ń tà láti ọdún 2017, tí a fi ń yá ìjọba lówó, ṣeé fi ₦5,000 rà, ìyẹn ni pé ₦2,000 tí o ń yà sọ́tọ̀ fún oṣù mẹ́ta yóò tó o. Ṣùgbọ́n ṣọ́ra: oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń san èlé rẹ̀ sínú àkáǹtì rẹ ní báǹkì, kì í sì í padà sínú bọ́ǹdì fúnra rẹ̀. Bí o bá jẹ ẹ́, èlé kò ní bímọ. Èmi ṣí àkáǹtì mìíràn tí kò ní káàdì fún èlé nìkan, bí ó bá ti tó ₦5,000 pẹ̀lú owó tí mo yà sọ́tọ̀ lóṣù náà, mo fi ra òmíràn.