Ìpele 3 nínú 4 kì í ṣe 75: bí máàkì rúbíríkì ṣe ń di gíréèdì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń kọ́ ní SS2. Rúbíríkì tí mo fi ń máàkì àròkọ ní apá mẹ́rin: kókó ọ̀rọ̀, ètò, ìlò èdè, àti sípẹ́lì pẹ̀lú àmì ìkọ̀wé. Ìpele 1 sí 4 ló wà fún apá kọ̀ọ̀kan. 3 ni “ó kúnjú òṣùwọ̀n”, 2 sì ni “ó kù díẹ̀ káàtó”. Mo máa ń ro máàkì wọn pọ̀, màá fi 16 pín in, màá sì sọ ọ́ di pásẹ́ǹtì. Ṣùgbọ́n A1 pọ̀ jù nínú èsì mi. Olórí ẹ̀ka wa ní mò ń ta wọ́n lọ́rẹ máàkì, bẹ́ẹ̀ mi ò fún ọmọ kankan ní ohun tí kò tọ́ sí i. Níbo ni àṣìṣe wà?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ náà, tíṣà. Kò sí ohun tó ṣe máàkì yín. Ibi tí ẹ ti fi 16 pín in ni ọ̀rọ̀ ti yí padà.

Ẹ wò ó lójú òṣùwọ̀n tí àwọn iléèwé wa ń lò fún gíréèdì WAEC: A1 bẹ̀rẹ̀ láti 75, B2 láti 70, B3 láti 65, C4 láti 60, C5 láti 55, C6 láti 50, D7 láti 45, E8 láti 40, ohun tó bá wà nísàlẹ̀ ìyẹn sì jẹ́ F9. Ọmọ tó gba 3 ní apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní 12 nínú 16. Ìyẹn jẹ́ 75, ó sì ti di A1. Ọmọ tó gba 4 níbi gbogbo náà, A1 ni. Rúbíríkì yín ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, ìṣirò yín wá pa wọ́n pọ̀. Ọmọ tó gba 2 níbi gbogbo, tí ẹ fúnra yín sọ pé iṣẹ́ rẹ̀ kù díẹ̀ káàtó, ní 50. Kírẹ́díìtì lẹ fún un. Ohun tí olórí ẹ̀ka yín rí nìyẹn.

Ohun kan tún wà tí ojú kì í tètè rí. Ẹ ṣe ìṣirò àpapọ̀ kọ̀ọ̀kan láti 4 dé 16, kí ẹ wo gíréèdì tó bá a mu. 11 jẹ́ 68.75, 12 sì jẹ́ 75. Kò sí nǹkan kan láàárín wọn. Ọmọ kankan kò lè gba B2 lọ́dọ̀ yín láéláé, bó ti wù kó kọ ọ́. Bákan náà ni D7, torí 7 jẹ́ 43.75, 8 sì fò lọ sí 50. Àmì tó dájú jù pé ìyípadà kò dára ni pé àwọn gíréèdì kan kò ní ẹni tó lè gbà wọ́n.

Ìdí rẹ̀ ni pé 1, 2, 3 àti 4 inú rúbíríkì ń sọ ipò ni, wọn kò sọ iye. Nínú eré ìje, a mọ ẹni tó ṣe ipò kìíní àti ẹni tó ṣe ipò kejì, ṣùgbọ́n ipò wọn kò sọ bí àlàfo àárín wọn ti tó. Tí a bá wá pín in bí ẹni pín owó, a ti sọ pé àlàfo kan náà ló wà láàárín gbogbo ìpele. Ọ̀pọ̀ rúbíríkì onípele mẹ́rin tí àwọn olùkọ́ ń rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ló sì wá láti Amẹ́ríkà, níbi tí 75 ti sábà máa ń jẹ́ C. Lọ́dọ̀ wọn, ìpín kan náà yìí máa ń rẹ ọmọ tó kúnjú òṣùwọ̀n sílẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ńṣe ló ń gbé e ga jù.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe ni pé kí ẹ kọ́kọ́ pinnu gíréèdì tó yẹ ìpele kọ̀ọ̀kan, kí nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e. Ẹ bi ara yín pé: ọmọ tó gba 2 níbi gbogbo, kí ló tọ́ sí i? Ó pàásì, ṣùgbọ́n kò tíì tó kírẹ́díìtì, nítorí náà ẹ fi í sí D7, ká ní 46. Ẹni tó gba 3 níbi gbogbo ní kírẹ́díìtì tó dúró dáadáa: B3, 66. Ẹni tó gba 4 níbi gbogbo, 90. Ẹni tó gba 1 níbi gbogbo, 30. Àwọn tó bọ́ sáàárín, ẹ pín àlàfo náà dọ́gba fún wọn. Láti àpapọ̀ 4 dé 8, máàkì kan ń fi 4 kún un. Láti 8 dé 12, 5. Láti 12 dé 16, 6.

Nípa báyìí, 7 di 42 (E8), 8 di 46 (D7), 9 di 51 (C6), 10 di 56 (C5), 11 di 61 (C4), 12 di 66 (B3), 13 di 72 (B2), 14 sì di 78 (A1). Gbogbo gíréèdì ló ti ní ẹni tó lè gbà á. Ọmọ tí kò fi iṣẹ́ sílẹ̀ rárá kò sí nínú tábìlì yìí. 0 ni tirẹ̀, nítorí ẹni tó kọ nǹkan ni ìpele 1 wà fún.

90 tó wà lókè yẹn, ìpinnu ni, ẹ sì lè yí i padà. Tí iléèwé yín bá ń ro gbogbo sọ́bújẹ́ẹ̀tì pọ̀ láti mọ ẹni tó ṣe ipò kìíní, tí ọmọ sì lè gba 100 nínú ìṣirò, 90 yóò fi ìyà jẹ ẹni tó mọ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ gbé e sí 98. 13 á di 74, 14 á di 82, gíréèdì ọmọ kankan kò ní yí padà.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n apá kọ̀ọ̀kan tún wà ńbẹ̀. Nínú àròkọ, WAEC máa ń fún ìlò èdè ní 20, tí àwọn apá mẹ́ta yòókù á sì gba 10, 10. Tí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ lé e, ẹ ka ìlò èdè lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí máàkì ṣì wà ní ìpele, kí ẹ tó yí i padà. Ọmọ tó gba 3, 3, 2, 3 ní 11 lásán, ìyẹn 61, C4. Tí a bá ka ìlò èdè lẹ́ẹ̀mejì, ó di 13 tí a fi 5 pín, 2.6, ìyẹn 58, C5. Ìyàtọ̀ yẹn kò burú, bí àwọn ọmọ bá ti mọ̀ kí wọ́n tó kọ ọ́. Tí máàkì apá mẹ́rin bá wà ní B sí E nínú Ẹ́síẹ̀lì, ẹ fi èyí sí F2:

```
=(B2+C2+2*D2+E2)/5
```

kí ẹ sì fi èyí sí G2:

```
=IF(F2=0,0,IF(F2<2,30+(F2-1)*16,IF(F2<3,46+(F2-2)*20,66+(F2-3)*24)))
```

Nọ́ńbà inú G yìí ni kí ẹ fi pa mọ́ máàkì ìdánwò. Ẹ má sọ ọ́ di lẹ́tà kí ẹ tó sọ lẹ́tà padà di nọ́ńbà, torí ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, nǹkan ń sọnù. Yunifásítì wa fi hàn kedere. Níbi tí A (láti 70) ti jẹ́ póìǹtì 5, tí B (láti 60) sì jẹ́ 4, ẹni tó gba 69 nínú kọ́ọ̀sì méjì tó dọ́gba ní 4.0. Ẹni tó gba 70 nínú ọ̀kan, tó gba 60 nínú èkejì, ní 4.5, bẹ́ẹ̀ 65 péré ni ìpíndọ́gba máàkì rẹ̀. Olùkọ́ kan kò lè tún ìyẹn ṣe, òfin iléèwé ni. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni kó tún àwọn ìwé tó dúró sí bèbè kà, tàbí kó fún olùkọ́ mìíràn kà, kí gíréèdì tó jáde.

Kí ẹ tó lo tábìlì tuntun yìí, ẹ mú àwọn àròkọ tẹ́ẹ̀mù tó kọjá, ẹ fi í yẹ̀ wọ́n wò. Tí ọmọ tí ẹ mọ̀ pé ó kọ ọ́ dáadáa bá já sí C5, ẹ wo bóyá ibi tí ẹ gbé 3 sí ló lọ sílẹ̀ jù, tàbí ẹ ní ọwọ́ líle níbi tí ẹ ti ń fúnni ní 3. Èsì tí ẹ ti pín fún wọn, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ fi tábìlì náà han olórí ẹ̀ka yín, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kíláàsì ní ọ̀sẹ̀ kìíní tẹ́ẹ̀mù tó ń bọ̀.