Ojú-ìwé tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ àti èyí tó wọ́: ọ̀tọ̀ ni oògùn wọn

*“Ẹ jọ̀ọ́, mo ní PDF kan tí wọ́n síkáànù fún mi, ojú-ìwé 96. Àwọn tó ní àtẹ ìṣirò fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, àwọn mìíràn sì wọ́ díẹ̀. Tí mo bá yí ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ ló ń yí. Báwo ni mo ṣe lè yí àwọn tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nìkan, kí n sì tọ́ àwọn tó wọ́?”*

Ẹ kọ́kọ́ yí àwọn tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ tán pátápátá, kí ẹ tó fọwọ́ kan èyí tó wọ́. Iṣẹ́ méjèèjì jọra lójú, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọmọ ìyá. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń síkáànù ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Àgbówó, lódìkejì Yunifásítì Ìbàdàn, ìyà sì jẹ mí dáadáa kí n tó mọ ìyàtọ̀ wọn.

Nínú PDF, ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan ló ní àyè tirẹ̀ tí wọ́n ń kọ `/Rotate` sí. Nọ́ńbà tí ẹ máa bá níbẹ̀ ni 0, 90, 180 tàbí 270. Tí ẹ bá yí ojú-ìwé kan bó ṣe yẹ, nọ́ńbà yẹn nìkan ló máa yí padà. Kò sí ohun tó kan àwòrán tí ẹ̀rọ síkáànù yà, lẹ́tà kan kò sì ní ṣú ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ kò lè kọ 2 síbẹ̀. Ojú-ìwé tó bá fi dígírì méjì wọ́, àfi kí ètò kan tún àwòrán rẹ̀ yà látòkè délẹ̀.

Ìwé àṣekágbá oníbàárà kan ló là mí lójú. Ojú-ìwé 112 ni, ọjọ́ yẹn gan-an ló sì fẹ́ fi ránṣẹ́ sí olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀. Mo ṣí i nínú Adobe Reader, mo débi àtẹ, mo tẹ `Rotate View`, ó dìde nàró. Mo tọ́jú fáìlì náà, mo fi ránṣẹ́. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, oníbàárà pè mí pé olùkọ́ ṣí i, gbogbo àtẹ ṣì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Ohun tí `Rotate View` ń yí ni bí ìwé ṣe hàn lójú kọ̀ǹpútà tiyín nìkan. Kò kọ nǹkan kan sínú fáìlì, gbogbo ojú-ìwé ló sì ń yí lẹ́ẹ̀kan náà. Bóyá ohun tó ń ṣe yín náà nìyẹn.

Ètò tí mo ń lò láti ìgbà náà ni qpdf. Ọ̀fẹ́ ni, ó wà fún Windows, Mac àti Linux, kò sì béèrè pé kí ẹ gbé ìwé oníwèé lọ sórí ìkànnì ẹnikẹ́ni. Ẹ óò ṣí Terminal (Command Prompt ni lórí Windows), ẹ óò wọ inú fódà tí ìwé wà, ẹ óò sì kọ nọ́ńbà àwọn ojú-ìwé tí ẹ fẹ́ yí.

Ibi nọ́ńbà yìí gan-an ni mo tún ti ṣubú. Àwọn àtẹ inú ìwé yẹn wà ní ojú-ìwé 47, 48, 52, 53 àti 61, bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ ìwé. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo ṣí fáìlì tuntun, àwọn àtẹ kò kúrò lójú kan, àwọn ojú-ìwé tó nàró dáadáa tẹ́lẹ̀ ló ti wá sùn. Èèpo ìwé, ojú-ìwé àkọ́lé, ìfọkànsìn, ọpẹ́ àti atọ́ka ti gba ojú-ìwé mẹ́wàá kí nọ́ńbà 1 tó bẹ̀rẹ̀. Èèpo ni qpdf ti ń ka ti ẹ̀. Nítorí náà 47 jẹ́ 57, 61 sì jẹ́ 71. Nọ́ńbà tó hàn nínú ètò tí ẹ fi ń ka PDF ni kí ẹ lò, ẹ má lo èyí tí wọ́n tẹ̀ sórí pépà. Àwọn ètò kan máa ń fi méjèèjì hàn, ẹ wò ó dáadáa.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ibi tí orí àwọn lẹ́tà kọjú sí. Tí orí lẹ́tà bá kọjú sí apá òsì, yíyí bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ ló máa gbé e dìde, ìyẹn `+90`. Tó bá kọjú sí apá ọ̀tún, `-90` ni. Nínú ìwé àṣekágbá, orí àtẹ sábà máa ń kọjú sí ibi tí wọ́n ti di ìwé, apá òsì nìyẹn, torí náà `+90` ló pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n nínú ti oníbàárà mi, wọ́n ti fi orí 71 sí òdìkejì nígbà tí wọ́n ń di ìwé. Bí mo ṣe wá kọ ọ́ rèé:

```
qpdf iwe.pdf iwe-yiyi.pdf --rotate=+90:57,58,62,63 --rotate=-90:71
```

Àmì `+` tàbí `-` yẹn ṣe pàtàkì o. Tó bá wà níbẹ̀, qpdf máa ro 90 mọ́ èyí tí ojú-ìwé náà ní tẹ́lẹ̀, tàbí kó yọ ọ́ kúrò. Tí ẹ bá kọ `90` lásán, ó máa pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́, á sì fi 90 sí i. Àwọn ẹ̀rọ síkáànù kan máa ń fúnra wọn kọ 90 tàbí 270 sórí ojú-ìwé, ẹ kò sì ní mọ̀ bí ẹ bá ń fojú wò ó lásán. Àṣẹ tí mo fi ń yẹ̀ ẹ́ wò ni `pdfinfo`, inú ètò Poppler ló wà, kì í ṣe inú qpdf:

```
pdfinfo -f 1 -l 112 iwe.pdf
```

Ẹ óò rí ìlà kan tó ní `rot` fún ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan. Ẹ wò ó kí ẹ tó yí ìwé, kí ẹ sì tún un wò lẹ́yìn yíyí: àwọn tí ẹ dárúkọ nìkan ló gbọ́dọ̀ ti yàtọ̀. Ẹ tún wo bí fáìlì ṣe tóbi tó. Tí ìwé tó jẹ́ mẹ́gábáìtì 40 bá di 9 lẹ́yìn tí ẹ yí ojú-ìwé márùn-ún péré, ètò tí ẹ lò kò yí nọ́ńbà lásán. Ó ti fún àwọn àwòrán yín pọ̀, àwọn àmì ohùn kéékèèké ló sì kọ́kọ́ máa ń ṣú. Pẹ̀lú qpdf, ìwọ̀n méjèèjì máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Ó wá ku èyí tó wọ́. Kì í ṣe gbogbo wíwọ́ ló yẹ ká tọ́. Ẹ tẹ ojú-ìwé kan sórí pépà A4 ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an, kí ẹ fi rúlà wọn ìlà ọ̀rọ̀ kan tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15. Ẹ wo bí ìparí ìlà náà ṣe fi ga tàbí fi rẹlẹ̀ ju ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ. Tó bá jẹ́ mílímítà 2 àti ààbọ̀, dígírì kan ló fi wọ́ nìyẹn, ó sì ti ń dun ojú. Èyí tí kò bá tó mílímítà kan, mo máa ń fi í sílẹ̀. Ẹni tó ń kà á kò ní rí i, títún àwòrán yà kì í sì í ṣaláì gba nǹkan díẹ̀ lára lẹ́tà.

OCRmyPDF ni mo ń lò fún èyí. Ó fẹ́ kí Tesseract àti Ghostscript wà lórí kọ̀ǹpútà, ìyẹn ló jẹ́ kí fífi í sórí Windows gba sùúrù. Nínú ìwé oníbàárà mi, ojú-ìwé 20 sí 26 ló wọ́, pẹ̀lú 80 àti 81, torí pé ìwé yọ̀ lójú ẹ̀rọ:

```
ocrmypdf --deskew --pages 20-26,80,81 --tesseract-timeout 0 --output-type pdf iwe-yiyi.pdf iwe-pari.pdf
```

`--deskew` ló ń tọ́ ọ. `--pages` ló ń jẹ́ kó dúró lórí àwọn tí ẹ dárúkọ. `--tesseract-timeout 0` ń sọ fún un pé kó má wulẹ̀ gbìyànjú láti ka ọ̀rọ̀ inú ìwé, kó kàn tọ́ ọ. Tí ẹ bá fẹ́ kí ìwé ṣeé wá ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ẹ yọ ìyẹn kúrò. Tó bá sì kọ̀, tó ní ojú-ìwé ti ní ọ̀rọ̀ nínú, a jẹ́ pé ẹni tó síkáànù ìwé ti ṣe é tẹ́lẹ̀. `--force-ocr` máa jẹ́ kó gbà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti tẹ́lẹ̀ máa pòórá lórí àwọn ojú-ìwé yẹn, torí náà nígbà yẹn ẹ má fi `--tesseract-timeout 0` sí i.

Ẹ má ṣe fi `--pages` sílẹ̀ nítorí pé ó rọrùn. Mo ṣe é rí. Ìwé náà ní àwòrán ilẹ̀ abúlé kan tí ojú ọ̀nà rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ kan gun òkè lọ, ọ̀rọ̀ kò sì ju ìlà méjì lọ níbẹ̀. Ìlà ọ̀rọ̀ ni irú ètò yìí máa ń wá láti mọ ibi tí ìwé tẹ̀ sí. Nígbà tí kò rí ọ̀rọ̀ tó tó, ojú ọ̀nà ló dì mú, ó sì mú kí ojú-ìwé tó tọ́ tẹ́lẹ̀ wọ́. Àwòrán ilẹ̀, gíráàfù, ojú-ìwé tí kò ní ju ìbuwọ́lùwé lọ, ẹ máa yọ wọ́n sílẹ̀. Èyí náà ló fà á tí mo fi ní kí yíyí ṣáájú: wíwọ́ dígírì díẹ̀ ni ètò yìí mọ̀ ọ́n tọ́, ojú-ìwé tó ṣì sùn sílẹ̀ kò ní yé e.

Ètò kan náà ní `--rotate-pages`, tó máa ń fúnra rẹ̀ mọ èyí tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Mo máa ń lò ó tí ojú-ìwé bá tó ọgọ́rùn-ún márùn-ún, ṣùgbọ́n lórí 96, ojú yín yá ju tirẹ̀ lọ. Àtẹ tó kún fún nọ́ńbà, tí ọ̀rọ̀ kò pọ̀ nínú rẹ̀, ló sábà máa ń fò, bẹ́ẹ̀ àtẹ gan-an ni ìṣòro yín.

Bí àṣẹ títẹ̀ kò bá wù yín, NAPS2 wà fún Windows lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ gbé PDF wọ inú rẹ̀, ẹ di `Ctrl` mú, kí ẹ tẹ àwọn ojú-ìwé tí ẹ fẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lábẹ́ `Rotate`, ẹ óò rí yíyí sí ọ̀tún àti sí òsì, `Deskew` náà sì wà níbẹ̀.

Tí ẹ bá tọ́ ọ tán, ẹ wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan tí ẹ tọ́. Lórí A4 tó fi dígírì méjì wọ́, igun kan lè sún ní nǹkan bíi mílímítà 6, nọ́ńbà ojú-ìwé tó bá wà létí pátápátá sì lè gé. Èyí tó bá ti gé, tàbí tí ìlà rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun nítorí pé ìwé kò lẹ̀ mọ́ gíláàsì níbi ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ lọ tún ojú-ìwé yẹn nìkan síkáànù. `--deskew` kò lè tọ́ ìlà tó tẹ̀. Tí ẹ bá sì fẹ́ tún títọ́ náà ṣe, inú `iwe-yiyi.pdf` ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe inú `iwe-pari.pdf`, kí wọ́n má baà yà á lórí èyí tí wọ́n ti yà.