Owó wọlé, ṣọ́ọ̀bù kò mọ̀

"Mo ń bá ìyá mi tó ń ta aṣọ nílé ṣí ṣọ́ọ̀bù orí ayélujára láti òkè òkun. WooCommerce ni mo lò. Oníbàárà mìíràn á sanwó, síbẹ̀ ọ́dà rẹ̀ á fagi lé ara rẹ̀. Kí ló fà á?"

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọ̀ràn yìí ti gba owó lọ́wọ́ èmi náà, nígbà tí mo ń bá àbúrò mi obìnrin tó ń ta báàgì ṣe tirẹ̀. Ká tó débẹ̀ pàápàá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni báńkì gba lẹ́tà kan náà lọ́wọ́ rẹ̀, torí pé orúkọ àkáǹtì kò bá orúkọ tó fi forúkọ okòwò sílẹ̀ mu. Ẹ má torí irú wàhálà bẹ́ẹ̀ lo àkáǹtì tiyín o. Bí orúkọ kò bá dọ́gba, iléeṣẹ́ tó ń bá yín gba owó lè dá a dúró.

Ibi tí mo ti ṣìnà ni Webhook URL. Àdírẹ́sì yìí ni iléeṣẹ́ náà fi ń ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù pé owó ti wọlé, ì báà jẹ́ pé oníbàárà kò padà sójú ìwé ṣọ́ọ̀bù mọ́. Mo kọ ọ́ sí apá ìdánwò nínú àkáǹtì wa lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ náà, ó sì ṣiṣẹ́ dáadáa. N kò mọ̀ pé apá Live, tí a fi ń gba owó gidi, ní àpótí tirẹ̀, òfìfo ló sì wà.

Báàgì dúdú kan ṣoṣo ló kù lọ́jọ́ náà. Ẹnì kan sanwó lórí fóònù, ó sì pa ojú ìwé dé. Owó wọlé, àmọ́ Pending payment ni ọ́dà rẹ̀ ṣì ń kà. WooCommerce ní ètò kan tó ń jẹ́ Hold stock (minutes), 60 ló ti wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án: bí ìṣẹ́jú yẹn bá pé tí kò gbúròó owó, á fagi lé ọ́dà, á sì dá ọjà padà sórí àtẹ. Kílẹ̀ tó ṣú, ẹlòmíràn ti ra báàgì náà. Báàgì kan, olówó méjì! A dá owó ẹni àkọ́kọ́ padà, ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ náà kò dá owó iṣẹ́ tí wọ́n ti yọ padà fún wa. Nígbà tí mo pè wọ́n, wọ́n ní kí n kọ ímeèlì, n kò sì rí èsì gbà.

Ẹ má kàn fi ìṣẹ́jú kún ìṣẹ́jú, ìyẹn ò tú u. Ẹ kọ àdírẹ́sì náà sí Live, ẹ fi owó gidi ra ohun tó kéré jù níbẹ̀, kí ẹ sì pa ojú ìwé dé gẹ́rẹ́ tí ẹ bá sanwó tán. Bí ọ́dà bá yí sí Processing fúnra rẹ̀, ó ti bọ́ sí i. Bí kò bá yí, tí owó sì ti hàn lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ tó gbà á, àdírẹ́sì náà ni kí ẹ padà yẹ̀ wò.

Ti gbígbé ọjà ránṣẹ́ kò le: ẹ to àwọn ibi tí ẹ lè gbé e dé sínú Shipping zones, kí ẹ sì fi Local pickup kún un fún ẹni tó bá fẹ́ wá gbà á fúnra rẹ̀.

Aṣọ tí ìyá yín bá tà lójúkojú ni ṣọ́ọ̀bù ò ní mọ̀, àfi kí ẹnì kan yọ ọ́ kúrò nínú iye tó kù. Àbúrò mi kì í rántí ránṣẹ́ sí mi lálẹ́, ìdí nìyẹn tí a fi ya báàgì orí ayélujára sínú àpótí tirẹ̀, tí kò sì gbọdọ̀ tà níbẹ̀ fún ẹni tó bá wọlé.