DNA bá a mu: ṣé ó ti jẹ̀bi nìyẹn?

Ìbéèrè: Okun o, ẹ̀gbọ́n. A fẹ́ ṣe ẹjọ́ àfidánrawò ní ilé-ẹ̀kọ́ wa, èmi ni màá sì gbèjà olùjẹ́jọ́. DNA rẹ̀ bá ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n rí lára fèrèsé ilé tí olè fọ́ mu, wọ́n ní ọ̀kan nínú mílíọ̀nù kan ni. Tí ìṣeéṣe pé kò jẹ̀bi bá kéré tó báyìí, kí ló kù tí mo lè sọ? (Akẹ́kọ̀ọ́ òfin, Kàbà)

Ìdáhùn: Okun, àbúrò mi. Ohun tó kù pọ̀, nítorí iye yẹn kì í ṣe ìṣeéṣe pé kò jẹ̀bi. Lemọ́lemọ́ ni mò ń gba irú ìbéèrè yìí, ó sì ń bí mi nínú pé àwọn tó ń fi ẹ̀rí yìí rán ènìyàn lọ sẹ́wọ̀n náà ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí iye náà sọ nìyí: bí ẹlòmíràn tí kì í ṣe ìbátan olùjẹ́jọ́ bá ló ni ẹ̀jẹ̀ yẹn, ìṣeéṣe pé àmì DNA onítọ̀hún yóò ṣe déédéé pẹ̀lú ti olùjẹ́jọ́ jẹ́ ọ̀kan nínú mílíọ̀nù kan. Ìṣeéṣe ìbáramu là ń pè é. Agbẹjọ́rò ìjọba á wá yí i po, á ní: “Ìṣeéṣe pé ẹlòmíràn ló ni ẹ̀jẹ̀ yìí jẹ́ ọ̀kan nínú mílíọ̀nù kan.” Gbólóhùn méjèèjì jọra létí, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí ẹnì kan bá jẹ́ ọmọ Mọ́pà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé yóò gbọ́ Yorùbá. Bí ẹ bá gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ Yorùbá, ṣé ẹ lè sọ pé ọmọ Mọ́pà ni? Yíyí gbólóhùn po báyìí ni àṣìrò olùpẹjọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ nílé wa níbí. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.3 ní Kogi. Bí àmì náà bá wà lára ẹnì kan nínú mílíọ̀nù kan, a ó retí pé nǹkan bí ènìyàn mẹ́ta mìíràn ní ìpínlẹ̀ yìí ní irú rẹ̀. Ká ní kò sí ẹ̀rí mìíràn rárá, tí ẹnikẹ́ni ní Kogi sì lè jẹ́ olè náà: olùjẹ́jọ́ yín wá di ọ̀kan nínú mẹ́rin. Ìdá mẹ́rin kan nìyẹn o. Ibo ni mílíọ̀nù wà níbẹ̀?

Ní ọdún 1996, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Ìlú Ọba ṣe irú ìṣirò yìí nínú ẹjọ́ Doheny àti Adams. Wọ́n ní bí iye náà bá jẹ́ ọ̀kan nínú mílíọ̀nù kan, olùjẹ́jọ́ á jẹ́ ọ̀kan nínú nǹkan bí ọkùnrin 26 ní gbogbo Ìlú Ọba tí wọ́n ní àmì náà. Ẹ̀rí yòókù ni yóò sọ èwo ni nínú wọn. Lọ́dọ̀ wa, a kì í lo ìgbìmọ̀ ará ìlú nínú ẹjọ́ ọ̀daràn, adájọ́ fúnra rẹ̀ ni yóò gbọ́ gbólóhùn àyípo náà, torí náà ẹ má jẹ́ kó kọjá láìjẹ́ pé ẹ dìde.

Ẹ má sì wá yí i sí òdì kejì pé DNA kò wúlò. Ká ní ènìyàn 200 péré ló lè dé ibi fèrèsé náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, olùjẹ́jọ́ sì wà lára wọn. Ìṣeéṣe pé a ó rí ẹlòmíràn nínú wọn tó bá a mu kò ju nǹkan bí ọ̀kan nínú 5,000 lọ. Iye DNA kò yí padà. Iye àwọn tó lè ṣe é ló yí padà. Ohun tí ẹ ó fi ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ẹ bèèrè bí ọlọ́pàá ṣe rí olùjẹ́jọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rí mìíràn ló kọ́kọ́ tọ́ka sí i, kí DNA tó wá bá a mu, ẹjọ́ yín le. Bí ó bá jẹ́ pé inú àkójọ DNA ni wọ́n ti ṣa orúkọ rẹ̀ jáde, tí kò sí nǹkan mìíràn tó so ó mọ́ ilé náà, ìdá mẹ́rin yẹn ni kí ẹ gbé síwájú adájọ́.

Ẹ bèèrè nípa ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá ọmọ bàbá. Iye tí wọ́n kà fún àjèjì kò kàn wọ́n. Ó rọrùn púpọ̀ kí tiwọn bá a mu, àmì ìbejì tó jọra délẹ̀délẹ̀ sì máa ń jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ bèèrè bí wọ́n ṣe tọ́jú ẹ̀jẹ̀ náà láti ojú fèrèsé títí dé láàbù: bí ti olùjẹ́jọ́ bá ta sí i lójú ọ̀nà, kò sí mílíọ̀nù tó lè wo ìyẹn sàn. Láàbù òde òní lè ka iye tó tó bílíọ̀nù, àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ló sì ń wúwo jù níbẹ̀.

Ìṣirò ni iṣẹ́ mi o, àbúrò, èmi kì í ṣe lọ́yà. Bí Òfin Ẹ̀rí ti 2011 ṣe gba ọ̀rọ̀ onímọ̀ wọlé, ẹ lọ bi olùkọ́ yín, ẹ má fi ìdáhùn yìí ṣe ẹjọ́ ẹnikẹ́ni tó wà ní kóòtù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tí ẹlẹ́rìí onímọ̀ bá ti sọ pé “ìṣeéṣe pé ẹlòmíràn ló ni ín,” ẹ ní kó tún un sọ, kí ó bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn rẹ̀ pẹ̀lú “bí ẹlòmíràn bá ló ni ín.”