Béèlì kì í ṣe owó: ọ̀rọ̀ kóòtù ní ẹnu Yorùbá

*Ẹ jọ̀ọ́, mo ń tú ìwé kan tó jẹ mọ́ òfin fún àwọn ará àdúgbò wa n'Íbàdàn. Kí ni béèlì, tẹ́nánsì àti afidáfíìtì ní Yorùbá gidi? Èyí tí kò bá sì ní Yorùbá ńkọ́, ṣé kí n dá ọ̀rọ̀ tuntun sílẹ̀ fún un ni?*

Béèlì ni kí ẹ fara balẹ̀ sí jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí òun ló máa ń da ilé onílé rú. Yorùbá rẹ̀ wà tipẹ́: ìdúró. Ẹni tó bá sọ pé "Ẹ fi í lé mi lọ́wọ́, ọjọ́ tí ẹ bá wá a, ẹ bi mí," òun ni onídùúró. Ẹ má fi onígbọ̀wọ́ rọ́pò rẹ̀. Gbèsè ni onígbọ̀wọ́ máa ń gbà dúró, èèyàn ni onídùúró ń dúró fún, ìyàtọ̀ yìí sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ béèlì dá lé.

Èmi fúnra mi ti fi ẹnu mi ṣe àṣìṣe níbẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ògbufọ̀ ní kóòtù kan ni. Wọ́n gbé ọmọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ kafíńtà wá, ìyá rẹ̀ jókòó sẹ́yìn. Adájọ́ ka gbólóhùn béèlì tí gbogbo adájọ́ máa ń kà: 200,000 náírà, onídùúró méjì, iye kan náà. Mo yára tú u: "Adájọ́ ti gba béèlì rẹ pẹ̀lú 200,000 náírà àti onídùúró méjì ní iye kan náà." Kò sí ọ̀rọ̀ kan tí mo fò. Ìyá náà sì ṣírò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀: 200,000 ti ọmọ, 200,000 ti onídùúró kìíní, 200,000 ti èkejì, 600,000 náírà. Ó lọ ń wá owó kiri. Ọmọ náà lo ọjọ́ mẹ́sàn-án sí i ní àtìmọ́lé kí ẹnìkan tó sọ fún ìyá rẹ̀ pé wọn kò ní kí ó san kọ́bọ̀.

Ọ̀rọ̀ kékeré "pẹ̀lú" yẹn ló ṣe é. Ní ẹnu òyìnbó, iye tí adájọ́ dá jẹ́ ìlérí lásán tí a kọ sínú ìwé. Bí olùjẹ́jọ́ bá ń wá ní gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bá dá fún un, kò sẹ́ni tó máa san án. Bí ó bá sá lọ ni kóòtù máa pe onídùúró wá, kí ó wá sọ ìdí tí kò fi ní san iye tó fi ọwọ́ sí. Lẹ́nu Yorùbá, bí a bá ti sọ pé "pẹ̀lú owó báyìí", owó tí a kà sílẹ̀ ni gbogbo ayé gbọ́. Bí mo bá tún ẹjọ́ yẹn tú lónìí, ohun tí n óò sọ nìyí:

"Adájọ́ ní kí o máa lọ sílé, kí o máa ti ilé wá jẹ́jọ́. Kí ẹni méjì wá dúró fún ọ. Ẹ ò san nǹkan kan báyìí. Ṣùgbọ́n bí o bá sá, ìwọ jẹ 200,000 náírà, ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn méjèèjì náà sì jẹ 200,000 tirẹ̀."

Ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, adájọ́ sì lè máa wò yín pé kí lẹ ń sọ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa wò. Ìgbà mìíràn wà tí adájọ́ máa dìídì ní kí wọ́n kó owó sílẹ̀ ní kóòtù. Ìgbà náà ni ẹ máa sọ "ẹ kó o sílẹ̀", kí ẹ sì fi kún un pé wọ́n á dá a padà bí ẹjọ́ bá parí láìsí pé ó sá.

Ọ̀rọ̀ ìṣe kan tún wà níbẹ̀ tí ó léwu. Ẹ má sọ pé adájọ́ "dá a sílẹ̀" nítorí béèlì. Ẹni tí a bá dá sílẹ̀ gbà pé ẹjọ́ ti tán, ó lè má tún yọjú mọ́, onídùúró ló sì máa kó sí i. "Wọ́n gba ìdúró rẹ̀" ni ẹ máa sọ. Bí ẹjọ́ bá wá parí tí kò jẹ̀bi, "wọ́n dá a láre".

Ní ti tẹ́nánsì, Yorùbá ní ayálégbé, ó ní onílé, ó ní owó ilé. Orúkọ ohun tó wà láàárín àwọn méjèèjì ni kò ní, ẹ má sì dá a sílẹ̀. Ẹ sọ ẹni tó ń ṣe é àti ohun tó ń ṣe: "ó yá ilé gbé, ọdọọdún ló ń san owó." Gbólóhùn "ọdọọdún" yẹn ṣe pàtàkì, torí ìwọ̀n ìgbà tí owó ilé fi ń wọlé ló sábà máa ń pinnu iye oṣù tí ìwé ìkóǹkanjáde tí onílé ń fún ayálégbé máa jẹ́. Bí ìwé àdéhùn kò bá sọ nǹkan mìíràn, ẹni tó ń san lóṣooṣù máa gba ìwé oṣù kan, ẹni tó ń san lọ́dọọdún máa gba ti oṣù mẹ́fà, kí onílé tó tún fún un ní ìwé ọlọ́jọ́ méje pé òun ń lọ sí kóòtù.

Àmọ́ bó bá jẹ́ ilẹ̀ oko lẹ́yìn ìlú Ìbàdàn ni ìwé yín ń sọ, ayálégbé kò bá a mu rárá. Ẹni tí ẹbí onílẹ̀ fi sórí ilẹ̀, tó ń san ìṣákọ́lẹ̀, kì í gba ìwé oṣù mẹ́fà kó kó ẹrù. Òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ lè wà níbẹ̀ títí, àfi bí wọ́n bá dá ẹ̀ṣẹ̀ tó wúwo, bíi kí wọ́n sọ pé àwọn gan-an ló ni ilẹ̀. Òyìnbó pe àwọn méjèèjì ní tẹ́nánsì. Ohun tó dùn mọ́ mi ni pé nígbà tí àwọn adájọ́ wọn kò rí ọ̀rọ̀ tó bá tiwa mu, wọn kò wá a mọ́. Ìṣákọ́lẹ̀ ni wọ́n kọ sínú ìdájọ́ wọn. Ìdí-igi, pínpín ogún ní iye ìyàwó, náà bẹ́ẹ̀ ni, títí dé ẹjọ́ kan tí kóòtù tó ga jù wọn lọ ní Lọ́ńdọ̀nù dá ní 1962. Bí àwọn bá lè yá tiwa lò, kò sí ìtìjú nínú kí ẹ kọ tẹ́nánsì bí tẹ́nánsì, kí ẹ sì ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan níbi tó ti kọ́kọ́ jáde.

Afidáfíìtì ni "ìwé ìbúra". Ọ̀rọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan máa ń fà sẹ́yìn. Ìbúra létí wọn ni fífi ẹnu kan irin, kí Ògún pa ẹni tó bá purọ́. Mo ti rí ìyá arúgbó kan tó kọ̀ jálẹ̀ láti tẹ ìka sí ìwé tí kò ju ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí lọ. Mo bá sọ fún un pé, "Ìyá, ẹ̀rí yín la kọ sílẹ̀, ẹ sì ń sọ níwájú òṣìṣẹ́ kóòtù pé òótọ́ ni." Ó tẹ̀ ẹ́. Láti ìgbà náà, "ìwé ẹ̀rí tí a búra sí" ni mo ń lò, kí ẹ̀rí lè ṣáájú ìbúra.

Ẹ má gbàgbé ìsàlẹ̀ ìwé náà bí ẹni tó ni ín kò bá mọ̀wé. Ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pé a kà á fún un, a túmọ̀ rẹ̀ sí èdè rẹ̀, ó sì jọ pé ó yé e kí ó tó tẹ ìka. Ẹni tó bá a kọ ìwé náà máa kọ orúkọ àti àdírẹ́sì tirẹ̀ sí i. Kí n tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ ìka, mo máa ń ní kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó wà nínú ìwé fún mi. Ibi tó bá ti kọsẹ̀, ibẹ̀ ni mo máa padà sí.