Ìlà kọ́lọ́ọ̀mù mẹ́ta tí kò bára dọ́gba

"Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, mò ń to ìwé ìròyìn àdúgbò wa sí kọ́lọ́ọ̀mù mẹ́ta lórí A4 àmọ́ ó kàn rí wúruwùru ni. Ọ̀rọ̀ abẹ́ fọ́tò ń lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e, ìlà ò bára dọ́gba. Kí ni kí n ṣe?"

Àlàfo ló ń dà yín láàmú o, kì í ṣe kọ́lọ́ọ̀mù. Kọ́lọ́ọ̀mù rọrùn: A4 fẹ̀ ní mìlímítà 210, ẹ fi 15 sílẹ̀ lọ́tùn-ún, 15 lósì, ó ku 180, ẹ wá fi 6 sáàárín kọ́lọ́ọ̀mù kan sí èkejì, ọ̀kọ̀ọ̀kan á jẹ́ 56. Torí pé 56 ò fẹ̀, ẹ má fa ọ̀rọ̀ kó kan etí méjèèjì, ihò ihò ló máa kún inú ẹ̀, ẹ jẹ́ kó dọ́gba lósì nìkan.

Ibi tíṣẹ́ wà rèé. Tí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ pọ́ìntì 10, ẹ jẹ́ kí ìlà kan sí èkejì jẹ́ 13, kẹ́ ẹ wá rí i pé ohunkóhun tó bá wọ kọ́lọ́ọ̀mù yẹn ń gba 13 tàbí 26 tàbí 39, kó má sí àbọ̀ ìlà níbì kankan. Àkọlé tèmi máa ń jẹ́ 20, ìlà ẹ̀ 26, mo máa ń fi 13 sókè ẹ̀, òfo nísàlẹ̀, ìlà mẹ́ta gééré nìyẹn, tó bá sì gùn di ìlà méjì ó di 65, ìlà márùn-ún, ó ṣì pé. Ohun tó ń bà á jẹ́ jù ni pọ́ìntì 6 táwọn èèyàn máa ń fi sáàárín ìpínrọ̀, ẹyọ kan péré ti tó láti ti gbogbo ìlà tó kù kúrò láyè. Ẹ yọ ọ́, kẹ́ ẹ ti ìlà àkọ́kọ́ wọlé ní mìlímítà 4 dípò ẹ̀.

Fọ́tò wá ńkọ́? Èyí tó fẹ̀ ní mìlímítà 56 tó ga ní 42, gíga yẹn tó pọ́ìntì 119. Ẹ fi pọ́ìntì 4 sábẹ́ ẹ̀, ọ̀rọ̀ abẹ́ fọ́tò jẹ́ pọ́ìntì 8, ìlà ẹ̀ 10, ìlà méjì jẹ́ 20. Ẹ ro ó pọ̀: 143, ìlà mọ́kànlá géérégé! Ẹ wá fi ìlà kan sílẹ̀ lófìfo kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kò ní lẹ̀ mọ́ra mọ́. Tó bá jẹ́ ìlà kan lọ̀rọ̀ abẹ́ fọ́tò, ẹ fi 10 tó ṣẹ́kù síbẹ̀, tó bá di mẹ́ta, ẹ gé ọ̀rọ̀ kúrú, èmi ò kì í gbà ju méjì lọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Tó bá jẹ́ Scribus lẹ fi ń to ìwé lórí kọ̀ǹpútà, ẹ kọ́kọ́ fi Baseline Grid sí pọ́ìntì 13, inú sitáìlì ọ̀rọ̀ gangan lẹ wá ti máa yan Align to Baseline Grid, ẹ má fi kan ti abẹ́ fọ́tò, torí á fa ìlà kéékèèké yẹn jìnnà síra. Inú sitáìlì ni gbogbo àlàfo máa wà, kẹ́nikẹ́ni má tẹ Enter láti fi ṣe àyè. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ fi rúlà la ojú ìwé já lábẹ́ ìlà kan nínú kọ́lọ́ọ̀mù àkọ́kọ́, tó bá gé ọ̀rọ̀ láàárín nínú ẹ̀kẹta, ẹ máa gòkè lọ níbẹ̀ títí tẹ́ ẹ fi máa rí fọ́tò tàbí àkọlé tí kò pé.