Fọ́ńtì .woff2 kọ̀, kò wọ kọ̀ǹpútà

“Ẹ̀gbọ́n, .woff2 ni fọ́ńtì tí mo gbà lórí ìkànnì ẹgbẹ́ wa. Kọ̀ǹpútà kò gbà á, a sì fẹ́ tẹ ìwé ìkéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu.”

Àbúrò, fáìlì .ttf tàbí .otf rẹ̀ ni kí o wá lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ṣe fọ́ńtì náà. Ìyẹn ló wà fún ìwé títẹ̀. Wọ́n fún .woff2 pọ̀ kí ojú ewé lè tètè ṣí lórí fóònù ni, nítorí náà ẹ fi í sílẹ̀ lórí ìkànnì.

Bí ojúlówó kò bá sí, tí àṣẹ fọ́ńtì náà sì gbà á, fi ètò woff2 sórí kọ̀ǹpútà, kí o sì fi àṣẹ yìí tú .woff2 náà:

```
woff2_decompress fonti.woff2
```

Wàá rí .ttf. Ṣùgbọ́n ìyẹn wúlò kìkì bí gbogbo lẹ́tà bá pé nínú rẹ̀. Àwọn ìkànnì sábà máa ń gé lẹ́tà tí wọn kò lò kúrò kí fáìlì lè fúyẹ́, èyí tí wọ́n sì gé kì í padà wá.

Tẹ ɛ́, ɔ̀, ẹ́ àti ṣ wò. Bí àpótí òfìfo bá jáde, tàbí tí ɔ̀ rí bíi lẹ́tà àlejò láàárín ìyókù, lẹ́tà kò pé nínú rẹ̀ nìyẹn. Má fi tẹ ìwé kankan.